Bí a ṣe ń sọ àkáǹtì alájẹṣẹ́kù di nọ́ńbà mẹ́rin tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á lóye

Ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ọ́dítọ̀ ti kọ ìwé ojú ewé bíi méjìlá, wọ́n ti ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀ fún gbogbo èèyàn, akápò á dìde, á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó tó dé ojú ewé kẹta àwọn èèyàn ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹnì kan á wá pariwo láti ẹ̀yìn pé "èló ló kàn wá?", akápò á sọ iye èrè tí wọ́n fẹ́ pín, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní àwọn fọwọ́ sí i, ó parí. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé iye èrè tí wọ́n fẹ́ pín yẹn gan-an ni nọ́ńbà tó lè dúró sójú kan nígbà tí nǹkan ń bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀. Owó àwọn tíṣà, awakọ̀, alátà, télọ̀ ló wà níbẹ̀, ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń fọwọ́ sí.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀. Kó má bàa jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, mo ti to nọ́ńbà jọ fún ẹgbẹ́ kan tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ, kò sí ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbì kankan, àmọ́ ẹni tó bá ti wà nínú alájẹṣẹ́kù rí á mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọmọ ẹgbẹ́ 120 ni wọ́n, wọ́n ń fowó pamọ́ lóṣooṣù, wọ́n ń yá ara wọn lówó ní èlé náírà 10 lórí 100, ìparí oṣù Kejìlá ni wọ́n ń pa àkáǹtì dé.

Tébù àkọ́kọ́ ni ti owó tó wọlé àti owó tó jáde lọ́dún náà:

Èlé orí lóònù: ₦6,580,000
Owó fọ́ọ̀mù àti ìwọlé: ₦180,000
Èrè orí ìrẹsì àti òróró tí wọ́n tà nígbà ọdún: ₦540,000
Gbogbo owó tó wọlé: ₦7,300,000
Gbogbo ìnáwó (owó oṣù akọ̀wé, rẹ́ǹtì, ìpàdé, ọkọ̀, ọ́dítọ̀, owó tí báńkì ń yọ): ₦2,500,000
Èrè: ₦4,800,000

Tébù kejì ni bálánsì ṣíìtì, ìyẹn ohun tí ẹgbẹ́ ní lọ́jọ́ tí ọdún parí àti ẹni tó ni ín:

Lóònù tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́: ₦65,800,000
Owó báńkì àti owó ọwọ́: ₦4,700,000
Èlé tí wọ́n ń retí, tí kò tíì wọlé: ₦800,000
Ọjà tó kù nílẹ̀: ₦700,000
Àga, kọ̀ǹpútà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ: ₦1,000,000
Àpapọ̀: ₦73,000,000

Ìfowópamọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́: ₦60,000,000
Ṣíà: ₦3,200,000
Rìsáàfù: ₦5,000,000
Èrè ọdún yìí: ₦4,800,000
Àpapọ̀: ₦73,000,000

Tébù kẹta wà lẹ́yìn ìwé pátápátá níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé, ìyẹn àlàyé orí lóònù. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé nínú mílíọ̀nù 65.8 yẹn, ₦7,900,000 wà lọ́wọ́ àwọn mẹ́sàn-án kan tí wọn ò san kọ́bọ̀ fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kí ni wọ́n fẹ́ pinnu?

Ẹ má tíì ṣírò nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ wo ètò ìpàdé, kẹ́ ẹ wá ohun tí wọ́n máa dìbò lé lórí. Fún ẹgbẹ́ wa yìí, ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ni kí wọ́n pín mílíọ̀nù mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí èrè, kówó jáde kí oṣù Kejì tó parí. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ gan-an wá ni: ṣé ká pín owó yìí, ṣé kí á pín in tán, ṣé ìsinsìnyí? Nọ́ńbà yòówù tí kò bá ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti dáhùn èyí, ẹ fi sílẹ̀ sínú ìwé ọ́dítọ̀, ẹni tó bá fẹ́ rí i á rí i níbẹ̀.

Ibí ni ọ̀pọ̀ akápò ti ń ṣìnà, nọ́ńbà tó tóbi jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú. "Àpapọ̀ ohun ìní ẹgbẹ́ wa ti di mílíọ̀nù 73!" Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ mílíọ̀nù 60 nínú ẹ̀, gbèsè tí ẹgbẹ́ jẹ àwọn èèyàn tó jókòó níwájú yín yẹn ni, owó wọn ni wọ́n kó wá. Kò sọ nǹkan kan fún wọn nípa bóyá kí wọ́n pín èrè tàbí kí wọ́n má pín in.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yẹ tébù wò kẹ́ ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e

Àyẹ̀wò mẹ́ta ni, kò gba àkókò. Èkíní, apá méjèèjì bálánsì ṣíìtì gbọ́dọ̀ dọ́gba, mílíọ̀nù 73 níhìn-ín, mílíọ̀nù 73 lọ́hùn-ún. Èkejì, èrè tó wà nísàlẹ̀ tébù àkọ́kọ́ náà ló gbọ́dọ̀ wà nínú tébù kejì, mílíọ̀nù 4.8 síbí, 4.8 sọ́hùn-ún, tí kò bá bára mu ẹnì kan ti yí nǹkan padà lẹ́yìn tí wọ́n ti parí apá kan, ẹ dá a padà fún ọ́dítọ̀. Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi: ẹ gba ìwé báńkì ti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, kẹ́ ẹ fi wé iye tí wọ́n kọ. Tí ìyàtọ̀ bá wà, ìdí gbọ́dọ̀ wà fún un, bóyá ṣẹ́ẹ̀kì kan ni wọ́n kọ tí ẹni tó gbà á ò tíì lọ gba owó ẹ̀, kí wọ́n sì lè fi ṣẹ́ẹ̀kì náà hàn yín nínú ìwé.

Àwọn nǹkan tó wà nínú tébù yàtọ̀ síra, torí ẹnikẹ́ni lè ka owó tó wà ní báńkì, àmọ́ lóònù mílíọ̀nù 65.8 jẹ́ ìlérí àwọn èèyàn pé àwọn á san. Tébù ò ní sọ fún yín pé ìlérí èwo ló ti ń mẹ́hẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ lọ sí ẹ̀yìn ìwé, tí kò bá sì sí nínú ìwé, ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé lóònù: ta ni ò tíì san láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, èló ló kù lọ́rùn ẹ̀? Ẹgbẹ́ tí kò bá lè fún yín ní lísìtì yẹn, àìsí lísìtì gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ ní ìpàdé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mú mẹ́rin

Mẹ́rin ni mo máa ń mú torí ẹni tó jókòó láì kọ nǹkan sílẹ̀ ò lè rántí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ìbéèrè pé ṣé ká pín owó, àwọn mẹ́rin tó wúlò nìyí.

Àkọ́kọ́, ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òfin alájẹṣẹ́kù ti ìjọba àpapọ̀ ní kí ẹgbẹ́ yọ ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin èrè sí rìsáàfù, ìyẹn owó tí ẹgbẹ́ yà sọ́tọ̀ láti fi dáàbò bo ara ẹ̀, kí wọ́n tó pín nǹkan kan, nínú mílíọ̀nù 4.8 ìyẹn jẹ́ mílíọ̀nù 1.2. Ó ku mílíọ̀nù 3.6. Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n yọ ẹgbẹ̀rún 600 fún ìdálẹ́kọ̀ọ́ àti owó ìmoore àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́, ó ku mílíọ̀nù mẹ́ta. Mílíọ̀nù mẹ́ta lórí ìfowópamọ́ mílíọ̀nù 60, ẹni tó bá ní ẹgbẹ̀rún 100 nílẹ̀ á gba 5,000.

Èkejì, lóònù tó há, ìyẹn èyí tí wọn ò san kọ́bọ̀ lórí ẹ̀ fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́ta. 7.9 nínú 65.8, ìyẹn náírà 12 nínú gbogbo 100 tí wọ́n yá èèyàn.

Ẹ̀kẹta, owó tó wà nílẹ̀ lóòótọ́. 4.7 sí mílíọ̀nù 60, ìyẹn náírà 8 fún gbogbo 100 tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi pamọ́.

Ẹ̀kẹrin, rìsáàfù, tí a bá ti fi mílíọ̀nù 1.2 ọdún yìí kún un, mílíọ̀nù 6.2 ni. Lóònù tó há jẹ́ mílíọ̀nù 7.9. Tí ìkankan nínú ẹ̀ ò bá padà wá mọ́, rìsáàfù ò ká a, mílíọ̀nù 1.7 á kù tí ẹgbẹ́ máa wá níbòmíì, kò sì síbòmíì ju ṣíà àti ìfowópamọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ.

Ẹ kíyè sí i pé mi ò mú ìnáwó. Mo mọ̀ pé ìnáwó làwọn èèyàn máa ń fẹ́ jà lé lórí, owó oúnjẹ ìpàdé, owó ọkọ̀ alága, tí wọ́n bá fi bẹ̀rẹ̀ wákàtí méjì á ti lọ. Náírà 34 nínú 100 tó wọlé ló lọ sí ìnáwó, lọ́dún tó kọjá 30 ni, ó yẹ kí wọ́n sọ̀rọ̀ lé e lórí lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe òun ló máa pinnu bóyá kí owó jáde lóṣù Kejì. Ẹ jẹ́ kó ní àyè tiẹ̀ nínú ètò ìpàdé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ sọ ọ́ di "nínú gbogbo 100 náírà"

Ìṣirò ẹ̀ ò le. Nínú Excel, ẹ kọ àpapọ̀ lóònù sí B1, èyí tó há sí B2, kẹ́ ẹ wá tẹ èyí:

```
=ROUND(B2/B1*100, 0)
```

Á fún yín ní 12. Lórí fóònù náà, ẹ pín 7.9 sí 65.8, ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ máa rí 12.006, ẹ sọ pé 12. Ẹ má jẹ́ kí pọ́íńtì kankan wọ inú ọ̀rọ̀ yín ní ìpàdé. Ẹni tó bá gbọ́ "méjìlá pọ́íńtì òdo òdo mẹ́fà" ti sọ òkodoro ọ̀rọ̀ nù sínú òdo yẹn. Bákan náà ni owó tó gùn, ₦4,700,000 ẹ sọ pé "mílíọ̀nù márùn-ún ó dín díẹ̀" lẹ́nu, kẹ́ ẹ kọ iye tó pé sínú ìwé fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù níbí ni pé 100 mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti wà níwájú wa. 12 wà nínú 100 tí wọ́n fi yá èèyàn. 8 wà nínú 100 tí wọ́n fi pamọ́. 34 tí mo mẹ́nu bà wà nínú 100 tó wọlé. Ẹni tó bá gbọ́ wọn léra wọn á rò ó pọ̀, á ní "méjìlá há, a ná mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ṣé mẹ́rìndínláàádọ́ta ló ti lọ nìyẹn?", kò sì jẹ̀bi, ẹni tó sọ̀rọ̀ ló jẹ̀bi. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá sọ 100, ẹ sọ 100 tí kí ni, kódà tó bá dà bíi pé ẹ ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má sì lo ìpíndọ́gba fún lóònù tó há. Tẹ́ ẹ bá pín mílíọ̀nù 7.9 sí mẹ́sàn-án, ẹnì kọ̀ọ̀kan á dà bí ẹni tó jẹ ẹgbẹ̀rún 878, àwọn èèyàn á ní "ó ga o, àmọ́ wọ́n á san." Nígbà tẹ́ ẹ bá wá wo lísìtì, ẹ ẹ́ rí i pé àwọn mẹ́ta nínú wọn ló jẹ mílíọ̀nù 5.4, àwọn mẹ́fà yòókù ló pín mílíọ̀nù 2.5. Ìyàtọ̀ ńlá ni, torí owó àwọn mẹ́fà yẹn, ìpè àti àbẹ̀wò lè gbà á padà, ti àwọn mẹ́ta yẹn, àwọn tó ṣe onídùúró fún wọn lẹ máa pè jókòó. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Ohun tó ju ìlàjì lọ nínú owó tó há wà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta."

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: nọ́ńbà kan ò tó, ẹ fi ti ọdún tó kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀

Náírà 12 há nínú 100, ṣé ó burú ni àbí ó dáa? Ẹni tí kò ka àkáǹtì rí ò lè mọ̀. Ẹ mú ìwé ọdún tó kọjá, kẹ́ ẹ ṣírò àwọn nọ́ńbà yẹn lọ́nà kan náà. Fún ẹgbẹ́ yìí, lọ́dún tó kọjá lóònù jẹ́ mílíọ̀nù 58, mílíọ̀nù 2.9 ló há, ìyẹn 5 nínú 100. Ìfowópamọ́ jẹ́ mílíọ̀nù 52, owó tó wà nílẹ̀ mílíọ̀nù 7.8, ìyẹn 15 nínú 100. Èrè tí wọ́n pín jẹ́ mílíọ̀nù 2.6, ìyẹn 5,000 lórí ẹgbẹ̀rún 100.

Ẹ wò ó dáadáa. Èrè tí wọ́n pín, 5,000 lọ́dún tó kọjá, 5,000 lọ́dún yìí. Owó tó há ti kúrò ní 5 ó di 12. Owó tó wà nílẹ̀ ti kúrò ní 15 ó di 8. Ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn nígbà tí mo sọ pé nọ́ńbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún lè dúró sójú kan. Ẹni tó bá gbọ́ 5,000 nìkan á lọ sílé pé ẹgbẹ́ wa dúró sán-ún.

Báwo ló ṣe ṣeé ṣe? Torí èlé tí wọ́n kọ sínú tébù àkọ́kọ́ kì í ṣe owó tó wọlé tán. Ọ́dítọ̀ máa ń kọ èlé tó yẹ kí wọ́n san lọ́dún náà, yálà wọ́n san án o, wọn ò san án o. Ẹgbẹ̀rún 800 tó jókòó sínú bálánsì ṣíìtì gẹ́gẹ́ bí "èlé tí a ń retí" yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọrùn àwọn mẹ́sàn-án yẹn ni gbogbo ẹ̀ wà. Ó ti wọ inú èrè mílíọ̀nù 4.8, àmọ́ kò wọ báńkì. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò tíì yọ nǹkan kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún lóònù tó lè má padà wá. Ohun tí wọ́n fẹ́ pín lára ẹ̀ jẹ́ owó tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí ní ẹgbẹ́ tiyín, ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ "èlé tí a ń retí" tàbí "èlé tí wọn ò tíì san" sí, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń ga ju ti ọdún tó kọjá lọ.

Ìkìlọ̀ kan lórí fífi ọdún wé ọdún. Ìfowópamọ́ kúrò ní mílíọ̀nù 52 ó di 60, bíi 15 lórí 100 ló fi lé, alága á fẹ́ kẹ́ ẹ sọ pé ẹgbẹ́ ń dàgbà. Ẹ ronú kan ọ̀wọ́n gógó ọjà kẹ́ ẹ tó sọ ọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, gbé e jáde pé iye owó ọjà ti fi 34.8 lórí 100 ga ju ti oṣù Kejìlá 2023 lọ. Tó bá jẹ́ inú ọdún bẹ́ẹ̀ ni ìfowópamọ́ yín fi 15 lé, ohun tí owó yẹn lè rà ti dín kù. NBS wá yí ọ̀nà ìṣirò wọn padà ní oṣù Kìíní 2025, nọ́ńbà tí wọ́n gbé jáde fún oṣù yẹn jẹ́ 24.48, àwọn kan sì rò pé ọ̀wọ́n gógó ló já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lóṣù kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ìyípadà ọ̀nà ìṣirò wà nínú ẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ náà ló rí bẹ́ẹ̀: tó bá jẹ́ oṣù mẹ́ta lẹ fi ń ka lóònù tó há lọ́dún yìí, tí akápò àná sì ń fi oṣù mẹ́fà kà á, ẹ padà lọ ka ti àná sí oṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ tó fi wọ́n wéra.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan, kó sọ ọ́ padà fún yín

Ẹ má fi èyí sílẹ̀. Ẹ wá ọmọ ẹgbẹ́ kan tí kì í ṣe ara ìgbìmọ̀, ẹ sọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un láìfi ìwé hàn án, kẹ́ ẹ ní kó sọ ohun tó gbọ́. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀kẹta rèé, ká sọ pé ìyá kan tó ń ta ata lẹ bá sọ̀rọ̀:

"Ìyá, nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún náírà tí a fi pamọ́, mẹ́jọ ló wà ní báńkì."

"Háà! Mẹ́jọ péré? Ta ló wá kó méjìléláàádọ́rùn-ún lọ?"

Ẹ ò parọ́, ìṣirò yín tọ̀nà, àmọ́ olè ni màmá gbọ́. Tó bá jẹ́ inú gbọ̀ngàn ìpàdé lẹ ti sọ ọ́, ìjà ti dé. Àtúnṣe ẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tí èyí tó pọ̀ wà: "Ìyá, èyí tó pọ̀ jù nínú owó wa wà lọ́wọ́ àwa fúnra wa, a yá a ni, a ó sì san án padà díẹ̀díẹ̀. Èyí tó wà ní báńkì, tí ẹni tó bá fẹ́ gba owó ẹ̀ lónìí lè rí gbà, náírà mẹ́jọ ni nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún tí a fi pamọ́."

"Ẹ̀ẹ́n, ó yé mi. Tí èèyàn mẹ́wàá bá wá fẹ́ gba tiwọn lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́?"

Ìbéèrè tí nọ́ńbà yẹn wà fún gan-an nìyẹn. Tó bá béèrè bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà yín ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá sọ nǹkan míì padà fún yín, ẹ tún gbólóhùn yín ṣe, kẹ́ ẹ lọ bá ẹlòmíì, torí màmá yẹn ti mọ̀ ọ́n báyìí, kò lè ṣe àyẹ̀wò ẹ̀ fún yín mọ́. Ohun míì tí wọ́n sábà máa ń béèrè nípa lóònù tó há ni "ṣé ti ọdún yìí nìkan ni, àbí ti àtẹ̀yìnwá wà níbẹ̀?" Ẹ kọ ìdáhùn ẹ̀ sínú gbólóhùn yín látìbẹ̀rẹ̀: gbogbo èyí tó wà nílẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni, ìgbà yòówù kí wọ́n yá a.

Ìgbésẹ̀ keje: ojú ewé kan

Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ó ṣe sọ ọ́. Fún ẹgbẹ́ yìí, bó ṣe máa rí nìyí:

"Ìgbìmọ̀ ní kí a pín mílíọ̀nù mẹ́ta. Ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún 100 nílẹ̀ á gba 5,000, iye kan náà pẹ̀lú ti ọdún tó kọjá.

Nínú gbogbo 100 náírà tí a yá ara wa, 12 ò tíì padà fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́ta. Lọ́dún tó kọjá, 5 ni. Ohun tó ju ìlàjì lọ wà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta.

Èyí tó pọ̀ jù nínú owó wa wà níta gẹ́gẹ́ bí lóònù. Èyí tó wà ní báńkì jẹ́ 8 nínú gbogbo 100 tí a fi pamọ́. Lọ́dún tó kọjá, 15 ni. Tí a bá pín èrè tán, tí a sì san owó ìmoore àti ti ìdálẹ́kọ̀ọ́, kò ní pé 2.

Rìsáàfù tó ń dáàbò bò wá jẹ́ mílíọ̀nù 6.2. Lóònù tó há jẹ́ mílíọ̀nù 7.9.

Ohun tí a lè ṣe: kí a pín 5,000 báyìí, tàbí kí a pín 2,500 báyìí, kí ìyókù dúró dìgbà tí owó tó há bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Tí a bá ṣe èkejì, owó tó máa ṣẹ́ kù ní báńkì á jẹ́ bíi 4 nínú 100."

Kò ní pé 2 yẹn, bí mo ṣe rí i ni pé nínú mílíọ̀nù 4.7, mílíọ̀nù mẹ́ta àti ẹgbẹ̀rún 600 á jáde, ó ku mílíọ̀nù 1.1, ẹ fi wé 60. 4 yẹn, mílíọ̀nù 1.5 àti ẹgbẹ̀rún 600 ló máa jáde, ó ku 2.6. Nọ́ńbà yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, torí kò sí nínú tébù kankan, bẹ́ẹ̀ òun ló so ìbò tí wọ́n fẹ́ dì mọ́ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn kan á ní kí wọ́n má san èrè lówó, kí wọ́n kàn kọ ọ́ kún ìfowópamọ́ kálukú. Ìyẹn á dá owó báńkì dúró lóòótọ́, àmọ́ ohun tí ẹgbẹ́ jẹ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á di mílíọ̀nù 63, lóònù tó há á sì wà níbi tó wà, ẹ sọ ìyẹn náà fún wọn.

Ẹ má fi ẹ̀rù bà wọ́n o. Lóònù tó há kì í ṣe lóònù tó ti kú, àwọn kan nínú mẹ́sàn-án yẹn á san, ó lè jẹ́ àìsàn tàbí owó oṣù tí wọn ò rí gbà ló fà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ "ò tíì padà". Tí wọ́n bá béèrè orúkọ wọn, tí wọ́n sì máa béèrè, ìdáhùn yín ni ohun tí òfin ẹgbẹ́ yín bá sọ, ìgbìmọ̀ lóònù ló ni lísìtì yẹn. Ojú ewé yìí máa dé orí Wáásáàpù kí ìpàdé tó tú, ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Fún àwọn tí kì í kàwé, ẹ ka ọ̀rọ̀ kan náà sínú fóònù ní Yorùbá, kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ bíi mẹ́ta ṣáájú ìpàdé, kí wọ́n lè bá ọkọ, aya, ọmọ wọn sọ ọ́ kí wọ́n tó wá dìbò.

Lẹ́yìn ojú ewé yẹn, fún ara yín àti akápò tó ń bọ̀, ẹ kọ ibi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ti wá: ojú ewé mélòó nínú ìwé ọ́dítọ̀, ìlà wo, kí lẹ fi pín kí ni, oṣù mélòó lẹ fi ka lóònù tó há. Ẹ fi lísìtì àwọn tí wọ́n jẹ gbèsè ti ọjọ́ yẹn sínú fáìlì tó ṣeé tì, torí lọ́dún tó ń bọ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ lórí 12 náírà yẹn máa jẹ́ mélòó nínú ẹ̀ ló ti padà wá.